Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ Náà? Tábúlẹ́ẹ̀tì àbí Géèmù fún Ọmọ Ọdún Méje

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ tẹ̀ lé owó náà kò gùn rárá: "Ọmọ yìí yóò pé ọdún méje lóṣù tí ń bọ̀. Bá mi ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún un, tàbí géèmù. Èyí tí ó bá dára ni kí o rà." Bí ẹni ń rán ọmọdé ní búrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ náà rí lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni ọmọ náà ń gbé, ní abà kan tí kò jìnnà sí Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Bàbá rẹ̀ a máa wá nígbà ọdún, a sì máa wá bí ìnáwó bá dé. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù, Ìyá Àgbà ni ó ń jí i, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ni ó sì ń rán an lọ sílé-ìwé. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ owó kà ju èmi tí mo gboyè lọ.

Mo wọkọ̀ ní Ìwó Road, mo lọ wo ilé náà kí n tó ná kọ́bọ̀. Mo ní èrò tèmi tẹ́lẹ̀: mo rò pé tábúlẹ́ẹ̀tì ni ti ọlọ́gbọ́n, géèmù ni ti ọ̀lẹ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò bá èrò yẹn mu pátápátá.

Nígbà tí mo bi ọmọ náà ohun tí ó fẹ́, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Géèmù ni, mà. Bíi ti ọ̀nà ọjà." Ilé géèmù kan wà ní ọ̀nà ọjà lóòótọ́. Yàrá kékeré kan ni, tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, àwọn ọmọkùnrin sì ń sanwó ìdíje bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wa kì í lówó, nítorí náà ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ni ó máa ń dúró sí. Ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí èmi kò gbọ́ rí. Ìyá Àgbà gbọ́ wa dé ìparí, ó yí ẹ̀gẹ́ tí ó ń bó lọ́wọ́, ó ní: "Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ta ni yóò jókòó tì í?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé padà sí Ìbàdàn. Kí n tó lè dáhùn rẹ̀, mo ní láti kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ iná, nítorí pé ní abà, iná ni ó ń pinnu ohun púpọ̀ kí ọgbọ́n òbí tó débẹ̀.

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà iná mànàmáná ní Nàìjíríà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí A ni ó yẹ kí ó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Ìsọ̀rí E, tí ó kéré jù, wákàtí 4 ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn ní abà mọ ìsọ̀rí tí abà sábà máa ń wà láìwo ìwé kankan. Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh kò gbà ju nǹkan bí 20 wáàtì-wákàtí lọ kí ó tó kún. Ẹ̀rọ géèmù ńkọ́? Bí ó bá ń jẹ 100 wáàtì, tí tẹlifíṣọ̀n tí a so ó mọ́ sì ń jẹ 50, wákàtí kan péré ti gba 150 wáàtì-wákàtí. Iná tí ọmọ yóò fi gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan tó láti mú kí tábúlẹ́ẹ̀tì kún lẹ́ẹ̀méje. Páńẹ́lì oòrùn kékeré ti 20 wáàtì lè bọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì bí oòrùn bá mú dáadáa. Kò lè gbé géèmù. Géèmù yóò bèèrè fún jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ yóò bèèrè fún epo bẹntiróòlù, ẹni tí ó sì ń ra epo náà kì í ṣe bàbá ọmọ tí ó wà ní Èkó. Yàtọ̀ sí èyí, bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ géèmù ń kọ nǹkan sínú ara rẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Iná tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kan kì í ṣe ọ̀rẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti iná, tábúlẹ́ẹ̀tì borí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjókòó tini tí Ìyá Àgbà sọ, géèmù ni ó borí níbẹ̀, èyí sì yà mí lẹ́nu. Tẹlifíṣọ̀n wà ní àárín ilé. Ẹni tí ó ń gé ẹ̀fọ́ ń rí i, àlejò tí ó bá wọlé ń rí i, bí ohun tí kò tọ́ bá yọjú, ojú mẹ́rin ti rí i. A lè so páàdì méjì mọ́ géèmù, nítorí náà ọmọ yóò ní alátakò, yóò sì kọ́ bí a ti ń fìdí rẹmi láìsunkún. Ó jọ ayò ọlọ́pọ́n lọ́nà yẹn: ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì lórí ìdíje, àwọn òǹwòran sì ń pariwo lé wọn lórí. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Orí itan ni ó ń gbé. Ọmọ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ lórí ẹní kan náà, kí ìyá àgbà má sì mọ ibi tí ó wà.

Ibi tí ọmọ lè dé láìsí olùtọ́jú kì í ṣe ohun tí à ń méfò. Ní ọdún 2007, wọ́n pín kọ̀ǹpútà kékeré alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abuja, lábẹ́ ètò kan láti Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ètò tí inú gbogbo ènìyàn dùn sí ni. Ní oṣù keje ọdún náà, ìròyìn jáde pé àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wo àwòrán ìhòòhò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn elétò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣèlérí pé àwọn yóò fi asẹ́ sí i. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní ọdún 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ni ó yí Ọpọ́n Ìmọ̀ ká nígbà náà, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbí. Èrò yẹn nìkan ni mo yá lò: kó oúnjẹ sínú àwo kí o tó gbé e fún ọmọ.

Ṣé ọmọ lè rí nǹkan gidi kọ́ lórí rẹ̀, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Àpẹẹrẹ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù wá láti Tàǹsáníà. Ní ìparí ọdún 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ bí 3,000 ní abúlé 170 ní agbègbè Táńgà. Ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Global Learning XPRIZE ni ó mú un wá. Iná kò sí ní ọ̀pọ̀ àwọn abúlé náà, nítorí náà wọ́n gbé ibùdó agbára oòrùn kalẹ̀ tí àwọn ọmọ ti lè gbaná sí ẹ̀rọ wọn. Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè Sùwàhílì. Lẹ́yìn oṣù 15, iye yẹn ti dín sí ìdajì.

Ẹ má jẹ́ kí á tètè jó. Ìdajì náà ṣì kù tí kò lè kà. Ẹ sì wo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ náà: kì í ṣe fídíò, kì í ṣe géèmù ọ̀fẹ́ tí ìpolówó ọjà kún inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni, tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele, ní Sùwàhílì tí wọ́n ń gbọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó dá mi dúró, bóyá nítorí iṣẹ́ tí mo kọ́. Ọmọ tí ó ń gbọ́ Yorùbá látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí a wá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ohun inú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún, yóò kọ́ bí a ti ń tẹ ojú ẹ̀rọ. Bóyá yóò kọ́ ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ bí mo ti rà á, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí.

Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọdé aláwọ̀ mèremère pọ̀ lọ́jà Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà ńláńlá sára páálí wọn. Mo ní kí olùtajà tan èyí tí ó wù mí kí n tó sanwó. Mo ṣí `Settings`, mo wọ `About tablet`, mo wo `Android version`. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá kéré ju 7 lọ, mo ti pinnu pé n kò ní rà á, nítorí pé áàpù tí òbí fi ń ṣọ́ ọmọ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣí `Play Store`, mo wọ `Settings` rẹ̀, mo lọ sí `About`. Níbẹ̀, lábẹ́ `Play Protect certification`, ó yẹ kí a rí `Device is certified`. Èkíní tí mo gbà lọ́wọ́ olùtajà kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni páálí rẹ̀ dára jù lọ. Èkejì ní in. ₦98,000 ni mo san lórí rẹ̀. Mo ra àpò rọ́bà tí ó nípọn fún un, páwà báńkì kan, àti páńẹ́lì oòrùn kékeré.

Ká ní géèmù ni mo rà, ohun tí n bá wò yàtọ̀. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ géèmù àlòkù sábà máa ń kó géèmù rẹpẹtẹ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènì, èyí tí ó jẹ́ bọ́ọ̀lù yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti ń fi ìbọn gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Lára páálí géèmù gidi, nọ́ńbà ọjọ́ orí wà níbẹ̀ ní ọ̀nà ti Yúróòpù: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Bọ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́ 3. Ti ìbọn àti olè yẹn, 18 ni. Èyí tí wọ́n dà kọ sínú ẹ̀rọ kò ní páálí, nítorí náà òǹrajà gbọ́dọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n pa gbogbo èyí tí kò yẹ rẹ́ lójú rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rà á, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ó gbé áàpù `Family Link` sórí fóònù tirẹ̀. A ṣí àkántì fún ọmọ náà pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí á kàn lo àkántì tirẹ̀ kí ó lè yá. Mo kọ̀ fún un. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ẹ̀rọ tí ó bá mọ̀ ọ́ sí ọkùnrin ọdún 36 yóò fi ohun ọkùnrin ọdún 36 han ọmọ rẹ. Pẹ̀lú àkántì ọmọ, kò sí áàpù tí yóò wọlé tí fóònù bàbá kò ní bèèrè àṣẹ. A dí ibi wíwo fídíò pátápátá, nítorí ìwà àti nítorí dátà, torí pé gígábáìtì kan kì í pẹ́ ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ lórí fídíò.

Lórí iye ìṣẹ́jú, a jiyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde ní ọdún 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó sì fi wákàtí kan ṣe òpin fún ọmọ ọdún 2 sí 4. Fún ọmọ ọdún méje, kò dárúkọ iye kan. Ohun tí ó sọ ni pé láti ọdún 5 sí 17, kí ọmọ máa fi ara ṣiṣẹ́ tàbí ṣeré tí ó mú èémí jáde fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí ìjókòó nídìí ẹ̀rọ sì mọ níwọ̀n. Ọmọ abà ń sá kiri ju 60 lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí a wá bi ara wa ni pé kí ni ìṣẹ́jú wọ̀nyí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Oorun ni? Iṣẹ́ àṣetiléwá? Ìtàn tí Ìyá Àgbà ń pa? A fi ìṣẹ́jú 40 sí i, ní ìrọ̀lẹ́, a sì ní kí ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ ní aago méje alẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abà kò ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ òfin tí a ti fi sórí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti ara rẹ̀ nígbà tí kò yẹ, nọ́ńbà kúkurú kan wà lórí fóònù bàbá tí ó lè kà sí ìyá rẹ̀ létí, kí wọ́n fi ṣí i. Nọ́ńbà náà máa ń yí padà, nítorí náà ọmọ kò lè há a sórí.

Ohun tí mo kó sínú rẹ̀ kò pọ̀. Mo gba ìtàn 20 ní èdè Yorùbá láti orí `African Storybook`, níbi tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ìwé ìtàn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà. Àmì ohùn àwọn kan nínú wọn kò pé; mo ṣa èyí tí ó dára jù. Mo fi `Khan Academy Kids` sí i fún Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, nítorí pé ọmọ ọdún 2 sí 8 ni wọ́n ṣe é fún, kò sì ní ìpolówó ọjà.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì náà lé, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ. Mo ṣàlàyé pé ti ilé ni, ọmọ yóò máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni. "Ẹ̀yin ni ẹ ó máa jókòó tì í, mà. Bí kò bá ka ìtàn kan sí yín létí, kò tíì lò ó." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o wá gbé mi sílé-ìwé lọ́jọ́ ogbó."

Ọmọ náà kò yọ̀ bí mo ti rò. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Bọ́ọ̀lù kò sí nínú rẹ̀?" Ojú tì mí díẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ sí ilé géèmù ọ̀nà ọjà, mo sanwó ìdíje mẹ́rin, mo sì jókòó ti òun lórí bẹ́ǹṣì níwájú. Ó gbá mi ní 5–0. Mo ti bá olùtọ́jú ibẹ̀ sọ̀rọ̀: Sátidé nìkan, ìdíje mẹ́rin, kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Iye tí ó ń ná wa lóṣù kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè mí lórí fóònù ìyá rẹ̀. "Àǹtí, ó ń tẹ ara rẹ̀!" Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣí áàpù, ń ti áàpù, láìsí ọwọ́ lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ wáyà iná. Wọ́n yọ ọ́, ó dákẹ́. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, páńẹ́lì kò rí oòrùn, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbaná sí fóònù, tí wọ́n fi ṣájà yẹpẹrẹ kan sí i. Bí ìwà náà bá dúró nígbà tí wáyà kúrò, ṣájà ni ó lẹ́bi. Bí kò bá dúró, ojú ẹ̀rọ ni. Mo ra ṣájà gidi ránṣẹ́. Ó tún kù díẹ̀ nínú owó náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ọmọ náà ka odindi ìtàn kan sí bàbá rẹ̀ létí lórí fóònù. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Ìyá Àgbà sì ń tún un ṣe láti ẹ̀yìn, àwọn tí kò mọ̀wé, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti há a. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó bi mí pé èló ni ó ṣẹ́kù nínú owó tí òun fi ránṣẹ́. Mo sọ fún un pé ₦8,500 ni. Mo ní kí ó fi wọkọ̀ wá sí Lálúpọn.